Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mò ń túmọ̀ ìwé ìlò katakata àti ẹ̀rọ tí ń lọ àgbàdo, mo sì ti ṣì í kọ

Olùkọ́ Ìsẹ́yìn

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní Ìsẹ́yìn. Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kan ládùúgbò wa dáwó jọ, wọ́n ra katakata kan àti ẹ̀rọ tí ń lọ àgbàdo. Wọ́n ní kí n bá àwọn túmọ̀ ìwé tó bá ẹ̀rọ méjèèjì wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ka Yorùbá geerege, Gẹ̀ẹ́sì ni kò yé wọn.

Mo ti ṣe ojú ìwé mọ́kànlá. Lánàá, mo gbé e fún ọmọkùnrin tó ń wa katakata náà, mo ní kó kà á sókè kí n gbọ́. Nígbà tó dé ibi tí mo kọ pé "Ẹ rọra tẹ kílọ́ọ̀ṣì kí katakata lè gbéra", ó dákẹ́, ó wo ojú mi. Ó ní, "Àǹtí, tí mo bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ṣe ni katakata máa dúró." Ara mi bù máṣọ. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì lò níbẹ̀ ni ẹ́ńgéèjì. Mo rò pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ohun tí à ń fi ẹsẹ̀ lò ni, títẹ̀ ló ń sọ. Tí kì í bá ṣe pé ọmọ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, kí ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ máa ṣe?

Báwo ni ẹ ṣe ń túmọ̀ irú ọ̀rọ̀ yìí? Ṣé kí n máa lo kílọ́ọ̀ṣì, jíà, bẹ́líìtì bí àwọn awakọ̀ ṣe ń pè wọ́n ni, àbí kí n wá Yorùbá gidi fún wọn?

Atúmọ̀-èdè Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, kí ẹ má sì yí i padà títí ìwé á fi parí. Ẹ́ńgéèjì, "so pọ̀". Òdìkejì rẹ̀, "já kúrò". "Ẹ so kílọ́ọ̀ṣì pọ̀" kò ní ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà mọ́. Ní ti kílọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀, inú mi kò dùn sí i. Èdè wa ní agbára láti sọ ọ́ ní "ìsopọ̀ ẹ́ńjìnnì". Tí àwa tí a kàwé kò bá dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ta ló máa dá a?

Bàbá Katakata, Ṣakí

Ọmọ mi olùkọ́, ọmọ tó dá ọ dúró yẹn, ẹ sanwó iṣẹ́ fún un, kó bá ọ ka gbogbo rẹ̀ tán.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń wa katakata. Kílọ́ọ̀ṣì tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀, ó so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà nìyẹn. Tí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó já wọn kúrò lára ara wọn. Nítorí náà, ohun tí ìwé ń pè ní síso pọ̀, gbígbé ẹsẹ̀ sókè ni. Àbúrò wa ará Ìbàdàn ò purọ́, síso pọ̀ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún àgbẹ̀ tó jókòó sórí àga katakata pé "so kílọ́ọ̀ṣì pọ̀", kò ní mọ̀ bóyá kí ó tẹ̀ ẹ́ tàbí kí ó fi í sílẹ̀. Kò sì tán síbẹ̀. Tí ẹ bá ṣí ìwé náà síwájú, ẹ máa rí i pé wọ́n tún lo ọ̀rọ̀ kan náà fún pí-tí-ò, ìyẹn ọ̀pá tó ń yí lẹ́yìn katakata tó ń fún ẹ̀rọ mìíràn lágbára. Ọwọ́ la fi ń ṣe ìyẹn. A máa ti lífà rẹ̀ wọlé, ọ̀pá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ọ̀rọ̀ kan, iṣẹ́ méjì tí kò jọra.

Tèmi ni pé kí o má túmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Kọ ohun tí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ máa ṣe, kí o sì kọ ohun tí ojú máa rí tẹ̀lé e. Bí èmi á ṣe sọ ọ́ fún ọmọ iṣẹ́ mi rèé: "Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀ pátápátá. Ẹ fi í sí jíà kìíní. Ẹ wá máa rọra gbé ẹsẹ̀ sókè. Katakata á ti gbéra kí ẹsẹ̀ yín tó dé òkè tán. Bó bá ti ń rìn, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì pátápátá." Má yọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn o. Ẹni tó bá gbé ẹsẹ̀ lé kílọ́ọ̀ṣì títí tó fi ro oko tán, ó ń jó o díẹ̀díẹ̀ ni. Òórùn rẹ̀ máa ń dà bíi ti rọ́bà tó ń jó, agbára katakata á sì máa dínkù bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ ń ké.

Bákan náà, wò ó bóyá katakata yín jẹ́ irú èyí tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní ipele méjì. Tí ẹsẹ̀ bá dé ìdajì, táyà á dúró, ṣùgbọ́n ọ̀pá ẹ̀yìn ṣì ń yí. Ó di ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kàn ilẹ̀ kí ọ̀pá tó dúró. Tí o bá kàn kọ "ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì", awakọ̀ á tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì, katakata á dúró, á wá ké sí ẹni tó wà lẹ́yìn pé kó yọ koríko tó há. Ìgbà 540 ni ọ̀pá yẹn máa ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ó ti yí lẹ́ẹ̀mẹsàn-án kí èèyàn tó ké "yéè". Tó bá gbá etí aṣọ mú, ó ti fa ẹni náà wọlé nìyẹn.

Ìyá Ọlọ́lọ̀, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ tí ń lọ àgbàdo tí ẹ ń sọ yìí, irú wo ló dára? Tèmi, láti ìgbà tí mo ti pààrọ̀ irin rẹ̀, àwọn oníbàárà ń ráhùn pé èlùbọ́ àwọn ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lẹ́yìn eyín, ó sì dúdú ju tàtẹ̀yìnwá lọ.

Bàbá Katakata, Ṣakí

Ìyá, ìwé ni olùkọ́ ń túmọ̀, kì í ṣe ọjà ló ń ná. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín bọ́ sí i. Irin inú ẹ̀rọ yín ń ha ara wọn ni. Ẹ kọ́kọ́ wá mágínẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ọ̀rá wé e, kí ẹ fà á kọjá lórí èlùbọ́ náà. Tí ìyẹ̀fun irin bá lẹ̀ mọ́ ọ̀rá, ẹ ti mọ̀.

Rewáyà Ẹ̀rọ, Ìlọrin

Bàbá ti sọ òótọ́. Ibi tí ìtumọ̀ ti máa ń ṣìnà gan-an nìyẹn, Àǹtí. Àwo irin méjì ló wà nínú ẹ̀rọ yẹn. Ọ̀kan dúró sójú kan, èkejì ń yí. Ọwọ́ ìyí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń tì wọ́n súnmọ́ ara wọn. Ìwé á sọ pé kí a má ṣe jẹ́ kí wọ́n fara kan ara wọn láìsí ọkà láàárín wọn. Àgbẹ̀ á kà á, á ní "ó yé mi", ṣùgbọ́n bó ti ń lọ náà ni yóò máa lọ, nítorí pé kò sí ẹni tó sọ fún un ìgbà tí ọkà ń tán. Ọkà inú agbada òkè ń tán lọ, àwo ṣì wà ní bó ṣe le, ó wá ń lọ ara rẹ̀.

Ẹ tẹ̀lé bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Kó tó tan ẹ̀rọ, kó tú ọwọ́ ìyí sílẹ̀. Kó tan ẹ́ńjìnnì, kó jẹ́ kó sáré dáadáa. Kó da ọkà díẹ̀ sí i. Ìgbà yẹn ni kó wá mú un le díẹ̀díẹ̀, kó máa fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ra ìyẹ̀fun wò títí yóò fi kúnná tó. Bí ọkà bá kù díẹ̀, kó tú u sílẹ̀ kó tó pa ẹ̀rọ. Tó bá gbọ́ tí irin ń ké, tàbí ìyẹ̀fun ń gbóná débi pé ó ń rùn, ó ti le jù nìyẹn. Ìyá, tí irin bá jẹ́ tuntun, ẹ fi ọkà tí kò wúlò lọ̀ ọ́ nígbà díẹ̀, kí ẹ dà á nù, kí ẹ tó lọ tàwọn oníbàárà.

Má sì kọ "yí i sí ọ̀tún". Ohun tó rí roboto, bí òkè rẹ̀ ṣe ń lọ sí ọ̀tún ni ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń lọ sí òsì. "Yí i bí ẹni tó ń dé ìgò" ni kí o kọ, kí o sì sọ ibi tí yóò dúró sí. Ní ti katakata, kọ ọ́ síwájú ìwé pé ọ̀tún àti òsì jẹ́ ti ẹni tó jókòó sórí àga, tó kọjú síwájú.

Mẹkáníìkì Ọ̀yọ́

Ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ "epo" o! Ẹnì kan gbé ẹ̀rọ wá fún mi níbí, wọ́n ti da dísù sí ibi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ó ní bàbá òun ló ka "ẹ fi epo kún un". Epo kí ni? Epo pupa? Pẹ́tíróò? Ẹ dárúkọ rẹ̀ gan-an: dísù, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, gíríìsì. Kí ẹ sì kọ ọ́ pé ojú ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí wọ́n ti yẹ ọ́ìlì wò, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti kú fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ọmọ Kétu

Níhìn-ín ní Benin, ọ̀rọ̀ wa mìíràn tún ni. Kílọ́ọ̀ṣì tí ẹ ń pè yẹn, àwọn awakọ̀ wa Faransé ni wọ́n fi ń pè é. Kì í sì í ṣe ọ ní àmì nísàlẹ̀ la kọ́ níléèwé, ɔ ni. Mo ti fún ẹ̀gbọ́n mi ní ìwé tí wọ́n kọ ní Nàìjíríà, ó ní kò dùn-ún kà. Àwòrán ló jọ pé ó yé òun.

Atúmọ̀-èdè Ìbàdàn

Mo gba ti Bàbá lórí gbígbé ẹsẹ̀. Lórí kílọ́ọ̀ṣì, mi ò tíì gbà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló yẹ kí a kọ Yorùbá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kílọ́ọ̀ṣì, kí ọ̀rọ̀ náà má bàa sọnù.

Olùkọ́ Ìsẹ́yìn

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi. Mo yẹ kílọ́ọ̀ṣì wò pẹ̀lú ọmọ náà láàárọ̀ yìí, ipele méjì ni lóòótọ́. Ibi tí ìwé sọ pé kí ẹnikẹ́ni má yọ ohun tó há títí ọ̀pá yóò fi dúró, mo ti tún un kọ báyìí:

"Tí koríko bá há lẹ́yìn katakata: Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì kàn ilẹ̀. Ẹ fa lífà pí-tí-ò jáde. Ẹ fi jíà sí fíríì, kí ẹ mú búrẹ́kì ọwọ́. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ sápò. Ẹ wo ọ̀pá ẹ̀yìn: ó gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ lọ yọ koríko."

Ó kà á, ó ṣe gbogbo rẹ̀ láìbi mí ní nǹkankan. Ohun kan ló kù tó ń dà mí láàmú. "Ẹ" ni mo fi ń bá wọn sọ̀rọ̀ nítorí pé àgbà ni ọ̀pọ̀ wọn. Ọ̀kan nínú wọn bi mí lánàá pé ṣé èèyàn púpọ̀ ló gbọ́dọ̀ tẹ kílọ́ọ̀ṣì náà pọ̀ ni. Tí mo bá sì kọ "tẹ", ó dà bíi pé mò ń pàṣẹ fún bàbá mi.

Bàbá Katakata, Ṣakí

Fi "ẹ" sílẹ̀, kí o kọ "awakọ̀ nìkan" sórí apá tó kan awakọ̀. Tí apá yẹn bá ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń yọ koríko, kọ "olùrànlọ́wọ́". Ọmọ mi, fi ojú ìwé tó kan gbígbé ohun ìtúlẹ̀ sókè ránṣẹ́ sí mi kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Ibẹ̀ ni mo ń bẹ̀rù.