Ìpolówó tó padà dáadáa sí Òyìnbó, tí ò yé ọlọ́jà

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, kí la máa pe kí wọ́n gbé ìpolówó Yorùbá fún ẹlòmíì kó tún un tú sí Òyìnbó, kí oníbàárà lè mọ̀ bóyá ìtumọ̀ ò sọ nù? Èmi ń pè é ní ìtúpadà. Ṣé ó tiẹ̀ ṣeé gbọ́kàn lé?"

Ìyá Ìbejì: "Ìtúpadà" ń dún létí mi bíi ká tú irun tí wọ́n di. Ìtumọ̀-àdápadà lèmi ń lò. Ti ìbéèrè kejì ló gba àlàyé o. Ilé ìtajà orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan gbé iṣẹ́ wá, Òyìnbó ẹ̀ ní oníbàárà á "séèfù" tó 20% lórí ọjà àkọ́kọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ tú u kọ "Ẹ fi owó tó tó 20% pamọ́". Wọ́n fún ẹlòmíì tí ò rí Òyìnbó yẹn rí, ló bá padà di "séèfù" wẹ́rẹ́, inú gbogbo wọn dùn. Mo kà á sétí ìyá aláṣọ kan ní Dùgbẹ̀, ó ní, "Ṣé báǹkì ni wọ́n ni?" Lójú tiẹ̀, ẹni tó fowó pamọ́ ò tíì ra nǹkan kan. Mo wá kọ ọ́ báyìí: "Ọjà àkọ́kọ́ tí ẹ bá rà, a ó bá yín yọ díẹ̀ lórí owó ẹ̀, ó lè tó 20%." Ìyá yẹn ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, wọ́n ń dín owó." Ìgbà tí wọ́n tú èyí padà ńkọ́? Ó dà bíi pé a fẹ́ yọ owó lápò oníbàárà, ni ilé ìtajà náà bá figbe ta! Ohun tó jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ padà wẹ́rẹ́ ni pé ẹni tó ń tú u padà gbọ́ Òyìnbó, tó bá ti rí "fowó pamọ́" ó ti mọ "séèfù" tí wọ́n ní lọ́kàn, á bá wọn tún un ṣe láìmọ̀.

Bàbá Tíṣà: Ó já sí pé kò wúlò rárá nìyẹn.

Ìyá Ìbejì: Rárá o, Bàbá. Nínú iṣẹ́ yẹn kan náà, ẹnìkan kọ "ẹ̀dínwó 20%" lójú ìwé kejì, ó gbàgbé "ó lè tó", àdápadà ló tú u fó. Nọ́ńbà, ọjọ́, àti ohun tó já bọ́, ó máa ń rí wọn. Bó ṣe ń dún létí ni kì í rí. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní kí ẹni tó tú u padà kọ àlàyé sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbólóhùn tó bá rí wọ́gọwọ̀gọ, kí n sì tún kà á fún èèyàn méjì mẹ́ta tí ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbọ́.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ̀mbásì ní kí n tú ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó mi sí Òyìnbó, ṣé kí n wá ẹni tó máa dá a padà ni?

Ìyá Ìbejì: Ìyẹn ò gba àdápadà, àbúrò. Ẹ béèrè bóyá wọ́n fẹ́ òǹtẹ̀ ẹni tó tú u lórí ẹ̀.

Bàbá Tíṣà: Mo gbọ́. Àmọ́ "àdápadà" yìí, ẹrù tó bàjẹ́ tí wọ́n dá padà fún ọlọ́jà ló ń rán èmi létí o.