Kámẹ́rà ẹnu géètì kò rí Wáífáì: ṣé kí n ya 2.4GHz àti 5GHz sọ́tọ̀ ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa Wáífáì. Orúkọ kan ṣoṣo ni ráútà wa fi ń gbé 2.4GHz àti 5GHz jáde. Kámẹ́rà tuntun tá a gbé sẹ́nu géètì kọ̀, kò sopọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé 2.4GHz nìkan ló ń gbà. Mo mọ̀ pé 2.4GHz máa ń la ògiri kọjá, àmọ́ Wáífáì àwọn aládùúgbò ń dí i lọ́wọ́. 5GHz yára gan-an fún tẹlifíṣọ̀n pálọ̀, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ dé yàrá ẹ̀yìn. Tí mo bá ya orúkọ wọn sọ́tọ̀, ṣé fóònù tó wà lórí 5GHz á ṣì lè máa wo kámẹ́rà náà? Fóònù tá à ń gbé kiri inú ilé ńkọ́, èwo ni kí n so ó mọ́?