Tábìlì agbára ìdè wo ni kí n lò? Ẹ jọ̀ọ́, kíákíá

Àkànkẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, tábìlì agbára ìdè wo ló péye jù? Ìjóná mẹ́téènì ni. Mo ṣírò ooru rẹ̀ ní kìlójúùlù fún móòlù kan: −814 ni mo rí, −890 ló wà nínú ìwé. Àárọ̀ ọ̀la ni mo fẹ́ fi sílẹ̀.

Ọmọ Láàbù: Ṣọ́ra fún tábìlì! Mo mú 743 fún C=O nínú ọ̀kan, ìdáhùn mi sì di −690. Olùkọ́ wa fi bírò pupa fa ojú ìwé náà já látòkè délẹ̀. Láti ọjọ́ náà n kò gba tábìlì kankan gbọ́ mọ́.

Ẹyẹlé: Tábìlì kọ́ ló jẹ̀bi. C=O inú kítóònì ni 743 bá mu. Ti CO₂ le jù ú lọ, 805 ni.

Ọmọ Láàbù: Wọn kò kọ ọ́ sọ́tọ̀ níbi tí mo wò. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?

Ìṣọ̀lá: Àkànkẹ́, ìpíndọ́gba ló fà á. Tí a bá ń já háídrójìn kúrò lára CH₄ lọ́kọ̀ọ̀kan, ti àkọ́kọ́ ń gba 439, ti ìkẹyìn ń gba nǹkan bí 338. Tábìlì sì ń pe gbogbo wọn ní 413!

Adùnní: Èmi sun étánọ́ọ̀lù lábẹ́ ago omi, ooru tí mo rí kéré gan-an. Inú afẹ́fẹ́ ló bá lọ. Bo ago náà dáadáa.

Ẹyẹlé: Adùnní, kò sun nǹkan kan o. Ìṣirò ló ń ṣe.

Tísà Àgbà: Ìṣọ̀lá, gbogbo ìdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la máa já, nítorí náà àpapọ̀ wọn nìkan ló kàn wá. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀:

```
jíjá:  4×413 + 2×498 = 2648
síso:  2×805 + 4×463 = 3462
ΔH = 2648 − 3462 = −814
```

Gáàsì ni agbára ìdè ń bá ṣiṣẹ́, nítorí náà oru omi ni −814 yìí ń sọ. −890 inú ìwé jẹ́ ti omi tó ti dà sínú ago. Móòlù oru kan ń tú 44 sílẹ̀ kó tó di omi, méjì ń tú 88. Yọ ọ́ kúrò lára 890, 802 ló kù. Kìlójúùlù 12 péré ni ìpíndọ́gba jẹ. Ara omi gan-an ni wọ́n ti rí 463, ara CO₂ ni wọ́n ti rí 805. C–H nìkan la yá lọ́wọ́ oríṣiríṣi mólékù. Nínú mẹ́téènì fúnra rẹ̀, ó tó 416. Mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin, 12 náà nìyẹn.

Ìṣọ̀lá: Ẹ ṣé, sà. Kí ló dé tí a kò kúkú fi 416 síbẹ̀?

Tísà Àgbà: Torí pé inú ooru mẹ́téènì tí wọ́n ti wọ̀n la ti rí 416. Tí o bá fi síbẹ̀, kí lo tún ń fojú díwọ̀n?

Ìṣọ̀lá: Síbẹ̀, sà, 805 tẹ́ ẹ lò náà, ara CO₂ lẹ ti mú un.

Àkànkẹ́: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti fi −814 sílẹ̀ bó ṣe wà, mo kàn kọ (g) sẹ́gbẹ̀ẹ́ H₂O. N kò mẹ́nu ba 12 náà. Tábìlì mi àtijọ́ náà ni mo lò.