Ṣé kí n fi «kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a» sílẹ̀ ni, àbí kí n yọ ọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mò ń kọ ìwé kékeré kan lórí ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù fún àwọn ọmọ girama. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ni yóò jọ kà á. Lójú ewé kan ṣoṣo, orúkọ Ànábì jáde nígbà mọ́kànlá, mo sì kọ àdúrà náà tán pátápátá nígbà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo kà á sókè, ìtàn ti sọnù sínú àdúrà.

Mo ti rò ó pé nínú ọ̀rọ̀ tèmi, kí n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan níbi tí orúkọ ti kọ́kọ́ jáde, kí ẹni tó ń kà á fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe ìyókù. Àmì ﷺ tí wọ́n fi ń dúró fún àdúrà náà kò gbà mí: lórí fóònù mi, àpótí òfìfo ló ń hàn.

Hádíìsì gan-an ló dá mi dúró. Èyí tó sọ pé orí nǹkan márùn-ún la kọ́ Ìsìláàmù lé, ọ̀dọ̀ Abdullahi ọmọ Umar ló ti wá. «Rọdiyalọ́hu anhuma», ìyẹn «kí Ọlọ́hun yọ́nú sí àwọn méjèèjì», ni wọ́n ń kọ tẹ̀ lé orúkọ rẹ̀, kì í ṣe «anhu» tó jẹ́ ti ẹnì kan, torí sàábé, ìyẹn alábàárìn Ànábì, ni bàbá àti ọmọ. Bí mo bá yọ ọ́, ṣé mi ò tí ì ba ọ̀rọ̀ ẹlòmíì jẹ́? Bí mo bá sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ nìkan, ṣé kò ní dà bíi pé mo bọ̀wọ̀ fún sàábé ju Ànábì lọ?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti túmọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe ṣe é?