Orúkọ wo ni ó yẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ń ṣáájú ẹjọ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, àwọn ènìyàn a máa fi "Ẹ̀gbọ́n…" tàbí "Ẹ jọ̀wọ́…" nìkan ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù, wọn a sì dákẹ́. Kí ni kí á máa pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí sì ni ó ń sọ fún ẹni tí ó bá fara balẹ̀ kà á?

Olùkọ́ èdè, Ilé-Ifẹ̀: Èmi dábàá "ọ̀rọ̀ àgò". Ẹni tí ó dé ẹnu ọ̀nà ilé onílé kì í ti ìta bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́; "Àgò onílé o!" ni yóò kọ́kọ́ ké, yóò sì dúró kí wọ́n dáhùn pé "Àgò yà!" Ní ọdún 1968, Emanuel Schegloff, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, ṣe àyẹ̀wò bí àwọn ènìyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, ó sì fi hàn pé ìpè kì í dá dúró: ẹni tí a pè jẹ gbèsè ìdáhùn, bí ó bá sì ti dáhùn, ẹni tí ó pè jẹ gbèsè ọ̀rọ̀. Gbèsè kejì yìí ni kí òǹkàwé máa ṣọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ilé-Ifẹ̀: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé "ọ̀rọ̀ iyèméjì" kò ní dára jù? Ọkàn olùránṣẹ́ kò tíì balẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ọ̀rọ̀ há sí wa lẹ́nu tí a ń wí pé "ẹ̀ẹ̀n… ẹ̀ẹ̀n…"

Olùkọ́ èdè: Ó kù díẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀n" a máa já bọ́ lẹ́nu ènìyàn kí ó tó mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó tẹ "Màmá" tí ó sì to àmì ìdánudúró mẹ́ta tẹ̀ lé e, ní ààyè láti pa á rẹ́ kí ó tó fi ránṣẹ́. Bí ó ti wù kí ẹ̀rù bà á tó, ó fẹ́ kí a rí i pé òun ń lọ́ra ni.

Ẹ wo ayálégbé kan ní Lágéré tí owó ilé rẹ̀ ti pé, tí ó kọ "Màmá…" sí ìyá onílé lálẹ́. Bí ìyá bá dáhùn pé "Ọmọ mi, báwo ni? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni," ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ àfikún oṣù kan jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá dáhùn pé "Mo wà ní ọsibítù o," ayálégbé lè sọ ọ́ di "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, mo kàn ní kí n kí yín ni." Kò tíì bẹ ẹnikẹ́ni, nítorí náà kò sí ẹni tí ó kọ̀ fún un. Níbi tí òǹkàwé ti gbọ́dọ̀ lajú nìyẹn: ẹni tí ó ní ìkíni lásán lọ́kàn ì bá ti kí wa tán nínú àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí ìyá bá délé, kí ó béèrè ohun tí ọmọ náà fẹ́ sọ.

Aláṣọ kan, ọjà Àtàkúmọ̀sà, Iléṣà: Ẹ kú làákàyè o. Èmi ò mọ orúkọ tí ẹ ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ bí mo ṣe lè gba owó mi. Oníbàárà kan a máa kọ "Àǹtí mi…" ní gbogbo òpin oṣù, mo sì ti mọ̀ pé owó kò jáde nìyẹn. Ní ayé oṣómàáló, wọn a lóṣòó síwájú ajigbèsè ni títí yóò fi sanwó!

Olùkọ́ èdè: Mà, ọ̀nà à ń gbowó kọ́ ni a ń wá níbí, ṣùgbọ́n ẹ̀rí yín wúlò. Ẹ ti mọ ìṣe oníbàárà yín, ìṣe yẹn ni ó sì sọ ohun tí ń bọ̀ fún yín, kì í ṣe "Àǹtí mi" fúnra rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọn kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lọ́nà mìíràn, ìbáà ṣe ìròyìn ayọ̀. Ti irú wọn kò sọ nǹkan kan fún wa. Ẹni tí ó máa ń da gbogbo ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ó wá kọ "Ẹ̀gbọ́n…" lónìí, ni kí á tètè dá lóhùn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ó gbé ìyókù ọ̀rọ̀ mì, tàbí ohùn ni ó ń gbà sílẹ̀ lọ́wọ́, nítorí náà kí á ní sùúrù díẹ̀ kí á tó túmọ̀ ìdákẹ́ rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́: Mo gba "ọ̀rọ̀ àgò" fún "Màmá…" àti "Ẹ̀gbọ́n…", sà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ "Ẹ jọ̀wọ́…" ti jẹ́ kí á mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni òun bá wá, kò sì lè padà sọ pé òun kàn wá kí wa ni. Ṣé àgò náà ni a ó pe ìyẹn?

Olùkọ́ èdè: Ẹ̀bẹ̀ tí kò tíì lórúkọ ni. Mo ṣì rò pé àgò ni, ṣùgbọ́n n kò ní bá ẹni tí ó bá wá orúkọ mìíràn fún un jà.