Ìdánwò òfin ogun: ilé ìkó-ọta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà

Akẹ́kọ̀ọ́ Kàbà: Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ìbéèrè kan há mi lọ́rùn. Orílẹ̀-èdè méjì tó fọwọ́ sí Ìlànà Àfikún Kìíní ti 1977, èyí tí wọ́n fi kún Àdéhùn Jẹ̀nífà lórí òfin ogun, ń jagun. Ọ̀gágun kan rí i pé àwọn ọ̀tá kó ọta ìbọn sínú ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ó mọ̀ pé ọjà máa ń tú nírọ̀lẹ́, ó sì mọ̀ pé wọn ò ní kó ọta náà kúrò títí ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sán gangan, tí èrò kún ọjà, ló ní kí wọ́n ju bọ́ǹbù. Ará ọjà ogójì kú. Ṣé ó jẹ̀bi?

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀: Kò jẹ̀bi. Ohun ogun ni ilé náà, abala 52 sì fàyè gbà á. Ẹni tó kó ọta sẹ́bàá ọjà ni kó lọ jẹ́jọ́.

Lọ́yà Ìsánlú: Ìdajì lẹ sọ. Ilé náà ṣeé kọlù lóòótọ́, àmọ́ abala 51 ní ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tá kò bọ́ ẹrù ará ìlú lọ́rùn ẹni tó ń kọlù.

Àbúrò, má fi iye òkú bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ọ̀gágun náà mọ̀ kó tó pàṣẹ ni kí o kọ́kọ́ kọ. Ṣé àdánù ará ìlú tó yẹ kó retí pọ̀ ju àǹfààní ogun tó ń wá lọ? Bí ẹnì kankan ò bá tiẹ̀ kú, ó ṣì lè ti rú òfin.

Wàyí o, ẹjọ́ yìí wà nínú aago. Abala 57 ní kó ṣe gbogbo ohun tó bá ṣeé ṣe láti dín àdánù kù. Ọta yẹn ṣì máa wà níbẹ̀ lóru, ọjà á sì ti tú. Ibẹ̀ ni màá ti mú un. Ká ní mọ́tò ti fẹ́ gbé ọta náà lọ ojú ogun lọ́sàn-án yẹn ni, ìwọ̀n náà á yàtọ̀. Tó bá wá di ẹ̀sùn ọ̀daràn ní Kóòtù Ọ̀daràn Àgbáyé ní Hágì, Òfin Róòmù 1998 tó dá kóòtù náà sílẹ̀ fẹ́ kí àpọ̀jù náà hàn kedere.

Ìyá Ìbejì, Mọ̀pà: Àwọn fijilanté ń lé ajínigbé lójú ọ̀nà oko, ọta ìbọn wọn ba ọmọ àbúrò mi lẹ́sẹ̀. Ṣé mo lè fi abala 57 yìí pè wọ́n lẹ́jọ́?

Lọ́yà Ìsánlú: Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Òfin ogun kò dé ibẹ̀, àyàfi tí ìjà náà bá le gan-an, tí ẹgbẹ́ tí wọ́n ń bá jà sì létò. Bí kóòtù àgbáyé tó gbọ́ ẹjọ́ ogun Yugosláfíà ṣe là á sílẹ̀ nínú ẹjọ́ Tádíìkì ní 1995 nìyẹn. Òfin ilé wa ni kí ẹ lò. Ó tiẹ̀ le ju ti ogun lọ lórí ìgbà téèyàn lè yìnbọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kàbà: Ẹ ṣé gan-an, sà. Àwọn alágbàṣe mẹ́fà tó ń to ọta nínú ilé náà ńkọ́? Ará ìlú ni wọ́n.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀: Àwọn ló fẹsẹ̀ ara wọn wọnú ewu. Má kà wọ́n.

Lọ́yà Ìsánlú: Àwọn ọ̀mọ̀wé kan sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ò gbà: ẹni tó ń to ẹrù jìnnà sójú ogun kò tíì di jagunjagun, kà á mọ́ àdánù. Àmọ́ kọ ọ̀rọ̀ ìhà méjèèjì, torí àríyànjiyàn náà kò tíì parí.