Ẹ gbà mí o, sítíkà ni kóòdù tí mo fi sanwó páàkì!

Ìyá Jọkẹ́ (Leeds): Ẹ̀yin ará ilé, àyà mi ń já. Mo páàkì mọ́tò láàárọ̀ yìí, mo sìkánì kóòdù QR tó wà lára ẹ̀rọ, ó ní £3. Mo tẹ nọ́ńbà káàdì àti nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn rẹ̀. Ó yí títí, ó ní kò lọ. Ìgbà tí mo wo kóòdù yẹn dáadáa, sítíkà ni wọ́n lẹ̀ lé ojúlówó lórí! Ṣé wọ́n ti kó mi lówó nìyẹn? Ṣé káńsù náà ò sì ní kọ fáìnì fún mi?

Baba Ìbejì (Dublin): Wọ́n ti wọnú fóònù yín. Ẹ pa á, ẹ má tàn án mọ́.

Káyọ̀dé Ìkòròdú Ọ̀gà (London): Baba Ìbejì, ẹ má dẹ́rù bà wọ́n. Líǹkì ló wà nínú kóòdù, sìkánì nìkan kì í kó owó ẹni. Ohun tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ń wá. Mọ́mì, ẹ wọ ápù báńkì yín, ẹ ti káàdì náà pa, lẹ́yìn náà kí ẹ pe 159, nọ́ńbà tó ń so èèyàn mọ́ báńkì rẹ̀ ní UK níbí. Ṣé ẹ ti rí àtẹ̀jíṣẹ́ kankan gbà?

Ìyá Jọkẹ́: Nọ́ńbà mẹ́fà kan wọlé. Ojú ìwé yẹn ti kú kí n tó tẹ̀ ẹ́.

Káyọ̀dé: Orí yín ṣe é. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ mọ́ ọn. Bó bá ní kí ẹ fi káàdì sórí fóònù kan, fóònù tiwọn ni, wọ́n fẹ́ máa fi rajà kiri. Bí ẹnikẹ́ni bá sì pè yín lọ́la pé báńkì lòun, tó ń ka ìparí nọ́ńbà káàdì yín fún yín, ẹ gé e. Ọwọ́ ẹ̀yin náà ni wọ́n ti gbà á.

Àǹtí Bísí ọmọ Ìkòròdú (Houston): Ṣé ẹ ò wo àmì kọ́kọ́rọ́ lókè ni? Tèmi bá ti rí kọ́kọ́rọ́, mo ń sanwó nù-un.

Káyọ̀dé: Àǹtí mi, kọ́kọ́rọ́ yẹn ò jẹ́ kí ẹlòmíì yọjú sí ohun tí ẹ ń tẹ̀ ni. Kò sọ ẹni tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́ fún. Olè náà ń ní in. Mọ́mì, kí ló wà nínú líǹkì náà?

Ìyá Jọkẹ́:

```
https://parking.gov.uk.parkfee-pay.top/pay
```

Mo rí gov.uk, ọkàn mi sì balẹ̀.

Káyọ̀dé: Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú yín. Ẹ fo https àti ìlà dídagun méjì tó tẹ̀lé e. Ẹ wá ìlà dídagun tó kàn, èyí tó ṣáájú pay. Láti ibẹ̀, ẹ kà á padà sẹ́yìn: top, parkfee-pay. Onílé nìyẹn. Ohun tó bá wu onílé ló lè kọ síwájú orúkọ rẹ̀, títí kan gov.uk. Ti ìjọba gan-an, gov.uk ló máa kángun sí ìlà yẹn.

Baba Ìbejì: Páàkì aládàáni ńkọ́? Ṣé gov.uk nìyẹn náà?

Káyọ̀dé: Ẹ mú mi níbẹ̀. Kò sí bí ojú ṣe lè mọ̀ wọ́n tán. Èmi ò sìkánì mọ́, ápù tí mo fọwọ́ ara mi gbà ni mò ń lò, mo ń tẹ nọ́ńbà tó wà lórí bọ́ọ̀dù. Ápù máa dá orúkọ àdúgbò padà. Bí kò bá bá ibi tí mo dúró sí mu, mi ò san.

Rónkẹ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́ (Toronto): Mo ti jìyà tèmi. Mo fẹ́ ra ẹja gbígbẹ fún Mọ́mì mi, mo ní kí wọ́n ya kóòdù ṣọ́ọ̀bù ránṣẹ́ sí mi. Orúkọ ọkùnrin kan yọ kí n tó tẹ PIN, mo ní bóyá ọkọ ìyá ẹlẹ́ja ni. ₦40,000! Ẹnì kan ti lẹ tirẹ̀ lé ti ìyá yẹn lórí.

Baba Ìbejì: Ẹ̀bi ìyá ẹlẹ́ja ni. Ó yẹ kó máa wo kóòdù rẹ̀ láràárọ̀.

Àǹtí Bísí: Ẹ̀bi Rónkẹ́ ni! Ó rí orúkọ, ó wá ń fún un níyàwó.

Rónkẹ́: Ó ní ìyàwó púpọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, nítorí kò sẹ́ni tó ka orúkọ nínú gbogbo oníbàárà.

Àǹtí Bísí: Ará Ẹ̀pẹ́! Ojú ẹja lẹ mọ̀ ọ́n wò.

Rónkẹ́: Ìkòròdú náà ń sọ̀rọ̀? Kí ẹ tó kúrò ní Máìlì Túéèfù, ẹja wa ti gbẹ.

Sẹ́gun Àgbádárìgì (Berlin): Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jà. Àgbọn wa ò béèrè PIN.

Ìyá Jọkẹ́: Mo ti ti káàdì pa, £3 ò tíì jáde. Fáìnì yẹn ńkọ́ o?

Káyọ̀dé: Ẹ ya fọ́tò sítíkà náà, ẹ kọ̀wé sí káńsù lónìí.

Baba Ìbejì: Wọn ò ní gbọ́. Wọ́n máa ní kí ẹ ti lo owó ẹyọ.

Àǹtí Bísí: Rónkẹ́, ẹja yẹn tiẹ̀ ńkọ́? Ìyá ẹlẹ́ja fi ránṣẹ́ àbí kò fi ránṣẹ́?

Rónkẹ́: Ó fi ìdajì ránṣẹ́. Àánú mi ṣe é.

Sẹ́gun Àgbádárìgì: Ẹja Ẹ̀pẹ́ ọ̀fẹ́! Ẹ fi nọ́ńbà ìyá yẹn ránṣẹ́. Berlin yìí, ẹja inú agolo la ń jẹ.